Àmì wo ló ń yọ ní ìlà-oòrùn nígbà tí wọ́n bí yín? Ìdí tí wákàtí ìbí fi lè yí i padà pátápátá

Obìnrin kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, inú sì ń bí i díẹ̀. Láti ọdún bíi mẹ́ta ni ètò kan lórí fóònù náà ti ń sọ fún un pé Àkeekèé ni àmì tó ń yọ nígbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a tẹ ọjọ́ ìbí kan náà sínú ètò mìíràn, tó sì fi agogo mẹ́fà àárọ̀ sí i, Kìnnìún ni ó jáde. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ọjọ́ ìbí mi kò yí padà, ìlú tí wọ́n bí mi sí kò kúrò níbi tó wà. Èwo nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ló ń purọ́?”

Ìdáhùn mi ni pé kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí a bi wọ́n ni kò dọ́gba. Nítorí pé mo ti rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ lójú, mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rí àmì náà, kí n sì fi ọjọ́ ìbí tirẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni wọ́n ń pè ní àmì tó ń yọ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ méjì kúrò nílẹ̀. Ìwòràwọ̀ ni ìṣe àwọn tó gbà pé ipò oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ní àkókò ìbí ní ohun tó ń sọ nípa ẹni tí wọ́n bí. Ọ̀nà tí oòrùn ń gbà kọjá ní ojú ọ̀run láàárín ọdún kan ni àwọn awòràwọ̀ pín sí méjìlá. Orúkọ àwọn ìpín náà ni Àgbò, Akọ Màlúù, Ìbejì, Akàn, Kìnnìún, Wúńdíá, Òṣùwọ̀n, Àkeekèé, Tafàtafà, Ewúrẹ́ Òkun, Apọnmi àti Ẹja. Ọgbọ̀n dígírì ni ìpín kọ̀ọ̀kan, nítorí pé 360 ni dígírì tó wà nínú òbìrí kan. Lójú fóònù, ẹ óò máa rí Cancer fún Akàn, Leo fún Kìnnìún, Virgo fún Wúńdíá àti Scorpio fún Àkeekèé. Àwọn mẹ́rin yìí ló máa ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Àmì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ara wọn ni àmì oòrùn, ìyẹn ìpín tí oòrùn wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí. Àmì tó ń yọ yàtọ̀ sí èyí. Òun ni ìpín tó ń yọ sókè ní ìlà-oòrùn, níbi tí ọ̀run ti dà bí ẹni pé ó kan ilẹ̀, ní ìṣẹ́jú gan-an tí wọ́n bí ọmọ, bí ènìyàn bá dúró sí ìlú tí wọ́n ti bí i.

Ẹni tó bá ti wo Ójúde Ọba rí kò ní ṣòro fún láti fojú inú rí i. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ méjìlá ló ń tò wọlé níkọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá ti jáde lápá kejì tún ń yípo padà wá sí ẹnu ọ̀nà, tí ìtò náà kò sì dúró rí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àkókò tí ẹ dé pápá ni àmì tó ń yọ. Oòrùn dà bí ọkùnrin kan tó ń rìn láàárín ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, tó máa ń bá wọn rìn fún oṣù kan kó tó sún sẹ́yìn bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn. Gbogbo àwọn tó bá dé ní ọjọ́ kan náà ni yóò bá a nínú ẹgbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó dé ní àárọ̀ àti ẹni tó dé ní ọ̀sán kò lè bá ẹgbẹ́ kan náà lẹ́nu ọ̀nà.

Báwo ló ṣe ń yára tó?

Ayé ń yí lórí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ kan, ìyẹn ló sì ń mú kí gbogbo ojú ọ̀run dà bí ohun tó ń yọ ní ìlà-oòrùn tó sì ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Bí a bá pín 360 dígírì sí wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni dígírì kan ń gbà, wákàtí méjì sì ni àmì kan odindi ń gbà, àfi díẹ̀ tó lè lé tàbí kó dín. Láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, gbogbo àmì méjèèjìlá ni yóò ti yọ tán.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, nítorí pé ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá ṣi ọjọ́ ìbí yín kà pẹ̀lú ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n tí wákàtí rẹ̀ tọ̀nà, nǹkan bíi dígírì kan péré ni àmì tó ń yọ yóò fi sún, nítorí pé ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà síbi tó wà lánàá. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá tọ̀nà tí ẹ wá ṣi wákàtí kà pẹ̀lú wákàtí méjì, ẹ ti bọ́ sínú àmì mìíràn nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé “agogo márùn-ún” ni wọ́n sọ fún yín, tí ẹni tó sọ ọ́ kò sì rántí bóyá ìdájí ni tàbí ìrọ̀lẹ́, àmì tó dojú kọ èyí tó tọ̀nà gan-an lódì kejì ọ̀run ni ẹ lè máa kà bíi tiyín. Láwùjọ wa, ọjọ́ ni a ń tọ́jú, ìwé ẹ̀rí sì ń gbé e. Wákàtí ni a máa ń jẹ́ kó sọnù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìṣírò yìí gbára lé.

Báwo ni a ṣe lè ṣírò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú láì lo ètò orí fóònù?

Ohun mẹ́ta ni a nílò: ọjọ́, wákàtí àti ibi ìbí. Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà ṣe é pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní agbègbè wa nítorí pé a sún mọ́ àárín ayé, ìyẹn ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ní ìṣẹ́jú tí oòrùn ń yọ, ibi tí oòrùn wà nínú àmì rẹ̀ náà ni ó ń yọ. Ọkùnrin inú ẹgbẹ́ yẹn ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Láti ibẹ̀, kíka ìṣẹ́jú ló kù.

Ọjọ́ ìbí aránṣọ wa kò ní iyèméjì kankan nínú. Wọ́n bí i ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kẹjọ, ọdún 1983, ìyẹn ọjọ́ kejì ìbò ààrẹ tí wọ́n dì ní 6 oṣù Kẹjọ, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ti bá Ṣéhù Ṣàgàrí figagbága. Kò sí ẹni tó wà láyé nígbà náà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó lè gbàgbé òwúrọ̀ yẹn, torí pé rédíò ni gbogbo ilé gbé sétí.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí oòrùn wà. Oòrùn bọ́ sínú Kìnnìún ní 23 oṣù Keje ọdún náà. Ó máa ń rìn tó nǹkan bíi dígírì kan lójúmọ́, ó dín díẹ̀ ní àsìkò yẹn. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín 23 oṣù Keje sí 7 oṣù Kẹjọ, nítorí náà oòrùn ti wà ní dígírì kẹrìnlá Kìnnìún.

Ohun kejì ni ìgbà tí oòrùn yọ. Ẹ má ṣe sọ pé agogo mẹ́fà. Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé jù lọ nìyí, láti ọwọ́ àwọn tó kàwé pàápàá. Aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò láti ọdún 1919 ni a gbé ka orí ìlà kan tó kọjá lọ́nà jíjìn sí ìlà-oòrùn wa, débi pé aago ọwọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ṣáájú oòrùn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í yọ ní agogo mẹ́fà níbí. Ó máa ń yọ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ní àwọn oṣù kan, ó sì lè pẹ́ di agogo méje kọjá díẹ̀ ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ tí à ń sọ yìí, agogo 6:38 ni ó yọ. Ẹni tó bá fi agogo mẹ́fà ṣe ìpìlẹ̀ ti fi dígírì mẹ́sàn-án ààbọ̀ ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta àmì kan.

Ó kù kí á ka ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí á gbà fún ìgbà díẹ̀ pé agogo mẹ́fà tí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ tọ̀nà. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni ó fi ṣáájú ìyọ oòrùn. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ óò rí dígírì mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́rìnlá, yóò ku mẹ́rin ààbọ̀. Kìnnìún ló ń yọ, ní dígírì mẹ́rin ààbọ̀. Mo ṣe ìṣírò gidi, èyí tó ka ìtẹ̀ ayé àti ipò Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ ọn, ohun tó jáde ni dígírì mẹ́rin. Ìyàtọ̀ ààbọ̀ dígírì kò tó nǹkan fún ohun tí a fi bírò ṣe lórí tábìlì aránṣọ.

Ohun tó wúlò jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ó ń jẹ́ kí á mọ ẹnu ààlà. Dígírì mẹ́rìnlá ni oòrùn ti wọ inú Kìnnìún, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Bí a bá ka ìyẹn sẹ́yìn láti 6:38, a ó dé 5:42. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n bí ṣáájú 5:42 ní Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí Akàn, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí Kìnnìún. Ìṣírò gidi fi hàn pé Kìnnìún yọ tán ní 7:46, Wúńdíá sì gba ipò. Bí àwọn ìbejì kan bá wà tí Táíwò dé ní 5:35, tí Kẹ́hìndé sì tẹ̀ lé e ní 5:50, àmì tó ń yọ fún wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹní kan náà ni wọ́n bí wọn sí.

Ní ti ibi ìbí, kò sí ìdààmú láàárín wa níbí. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré ni ìyàtọ̀ oòrùn. Bí ètò orí fóònù yín kò bá mọ ìlú yín, ẹ fi ìlú ńlá tó sún mọ́ ọn sí i. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ni bí ó ṣe ń ka aago: `Africa/Lagos` tàbí `UTC+1` ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí `UTC+0`, wákàtí kan ti yẹ̀, ìyẹn dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Níbo ni Àkeekèé orí fóònù ti wá?

Mo ní kí ó ṣí ètò àkọ́kọ́ náà kí á jọ wo ohun tó tẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti kọ ọjọ́, ó ti kọ ìlú, ṣùgbọ́n ní ibi wákàtí ó ti fọwọ́ kan àpótí kékeré tó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ètò náà kò sọ fún un pé kò sí àmì tó ń yọ tí òun lè ṣírò láì sí wákàtí. Ó rọra fi 12:00 ọ̀sán sí i, ó sì gbé èsì jáde pẹ̀lú ìdánilójú bí ẹni pé òun wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Láti 6:38 sí agogo méjìlá ọ̀sán jẹ́ ìṣẹ́jú 322. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ó jẹ́ ọgọ́rin dígírì ààbọ̀. Dígírì mẹ́rìndínlógún ló kù nínú Kìnnìún, ọgbọ̀n ni Wúńdíá, ọgbọ̀n ni Òṣùwọ̀n, àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ohun tó kù ti wọ inú Àkeekèé pẹ̀lú dígírì mẹ́rin ààbọ̀. Àkeekèé tí ó ti ń kà nípa ara rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kì í ṣe tirẹ̀. Ti ọmọ kan tí wọ́n bí ní ọ̀sán gangan ni, ọmọ tí kò sí nínú ilé wọn rí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wá ojú ìwé tí ètò náà kọ àwọn ohun tí ẹ fún un sí. Bí ẹ bá bá 12:00 tàbí 00:00 níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pa àmì tó ń yọ yẹn tì. Àmì oòrùn ṣì lè tọ̀nà, nítorí pé ìyẹn kì í yí padà láàárín ọjọ́ kan àfi ní ọjọ́ tí oòrùn ń kọjá láti àmì kan sí òmíràn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ètò méjì fi lè takora láìjẹ́ pé wákàtí ló fà á. Àwọn awòràwọ̀ ilẹ̀ Íńdíà kì í bẹ̀rẹ̀ kíka Àgbò láti ibi tí ti àwọn òyìnbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi dígírì mẹ́rìnlélógún ni ìyàtọ̀ náà lóde òní, ó sì tó láti gbé Kìnnìún dígírì mẹ́rin padà sínú Akàn. Bí ètò yín bá jẹ́ ti ilẹ̀ Íńdíà, ẹ má fi èsì rẹ̀ wé ti ìkejì.

Ta ni ó mọ wákàtí náà?

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Káàdì ilé ìgbẹ̀bí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n ọmọ, kò kọ wákàtí. Ẹni mẹ́ta ló kù tó lè sọ nǹkan: ìyá rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti ìwé tí bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé kọ.

Ìwé bàbá ló dà bí èyí tó lágbára jù. Ní ẹ̀yìn Bíbélì, pẹ̀lú gègé aláwọ̀ búlúù, ó kọ “Sunday, 8 a.m.” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ. Bí a bá gba agogo mẹ́jọ gbọ́, Wúńdíá ló ń yọ, ní dígírì mẹ́ta ààbọ̀. A ti ní àmì mẹ́ta báyìí fún ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ nígbà tí mo bi ìyá léèrè ibi tí bàbá wà lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni màmá fi dáhùn. Bàbá jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò, ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Ìgbà tó dé ilé ló bá ọmọ nílẹ̀. Agogo mẹ́jọ tó kọ ni wákàtí tí òun fojú kan ọmọ. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń wá.

Mo fi èyí hàn nítorí pé wákàtí tí a kọ sílẹ̀ máa ń dùn ún gbà ju èyí tí a sọ lẹ́nu lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ wákàtí tí nọ́ọ̀sì parí iṣẹ́, tàbí tí wọ́n wọn ọmọ, tàbí kí ó jẹ́ pé wọ́n sọ 5:40 di agogo mẹ́fà kí ó lè rọrùn láti kọ. Bí ẹ bá rí wákàtí tó parí sí odo tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gan-an, ẹ fura sí i díẹ̀.

Màmá fúnra wọn kò mọ wákàtí, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ohun tí wọ́n rántí ni ìró. Wọ́n ní ìrora ti dé góńgó nígbà tí àwọn gbọ́ ìpè ìrun àsùbáà láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, ọmọ kò sì tíì dé. Ìpè àsùbáà ń tẹ̀ lé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ bá là ní ojú ọ̀run, kì í ṣe aago, nítorí náà ó ṣeé ṣírò. Ní òwúrọ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ là ní nǹkan bí 5:25. Kò lè jẹ́ ṣáájú ìyẹn ni wọ́n bí ọmọ.

Àbúrò màmá ló mú òpin ọ̀rọ̀ wá. Mo kọ́kọ́ béèrè bóyá ojú ti mọ́, wọ́n ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Mo tún un béèrè lọ́nà mìíràn, pé kí ni wọ́n fi ríran nígbà tí wọ́n ń gé ìwọ́ ọmọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Àtùpà ni mo gbé dání. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìyá agbẹ̀bí sì jágbe mọ́ mi pé kí n gbé e sún mọ́ òun, wọn kò ní iná mànàmáná lóru yẹn.” Wọ́n fi kún un pé àwọn ti wẹ ọmọ tán kí agogo ìsìn àárọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, agogo yẹn sì ni wọ́n máa ń lù ní 6:30. Ní ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ti tó láti ríran láìsí àtùpà ní nǹkan bí 6:15. Wúńdíá bàbá àti Àkeekèé fóònù ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bí ọmọ láàárín 5:25 àti 6:15.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe bi wọ́n pé aago mélòó ni. Wọn yóò dá yín lóhùn nítorí pé ẹ̀yin lẹ béèrè, wọn yóò sì sọ aago kan. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́, ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́, ẹni tó ń kọjá lọ.

Ṣé ọ̀nà yìí bá ẹni tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù mu?

Kò bá a mu. Níbí, láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta sí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àmì kọ̀ọ̀kan fi ń yọ, ìdí nìyẹn tí kíka ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin fi ṣeé fọkàn tán. Ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jìnnà gan-an sí àárín ayé, Àgbò lè yọ tán láàárín ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta, nígbà tí Òṣùwọ̀n yóò gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta. Wọ́n tún máa ń yí aago síwájú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì fi í síwájú bẹ́ẹ̀ láì dá a padà láti oṣù Kẹwàá 1968 títí di oṣù Kẹwàá 1971, àkókò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n sì ń bímọ. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ní láti lo ètò tó mọ ìtàn aago ìlú náà.

Bí wákàtí kò bá dájú, kí ni a lè sọ?

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n ṣírò fún ìgbà tó yá jù àti ìgbà tó pẹ́ jù nínú ohun tí ẹ̀rí gbà láàyè. Bí àmì kan náà bá jáde nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti parí, ìṣẹ́jú tó kù kò ṣe pàtàkì mọ́. Ti aránṣọ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 5:25, Akàn ló ń yọ, ní nǹkan bíi dígírì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní 6:15, Kìnnìún ni, ní nǹkan bíi dígírì mẹ́jọ. Ẹnu ààlà tó wà ní 5:42 bọ́ sáàárín. Nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú náà, mẹ́tàdínlógún jẹ́ ti Akàn, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n jẹ́ ti Kìnnìún.

Àwọn awòràwọ̀ kan wà tí yóò sọ pé àwọn lè yanjú èyí, wọn yóò béèrè ìgbà tí ẹ ṣègbéyàwó, ìgbà tí òbí yín kú, ìgbà tí ẹ kó ilé, wọn yóò sì fi ìyẹn wá wákàtí tó bá a mu. Èmi kò gbà á. Ẹni tó ti fi ìgbésí ayé yín yan àmì kò lè tún fi àmì náà ṣàlàyé ìgbésí ayé yín kí ó sì pè é ní ẹ̀rí. Bóyá àmì tó ń yọ tilẹ̀ ń sọ ohunkóhun nípa ìwà ènìyàn, ìgbàgbọ́ ni ìyẹn, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ìṣírò ibi tí ọ̀run wà nìkan ni mo lè dúró tì.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún aránṣọ náà tán, ó béèrè èwo ni kí òun tẹ̀ sínú fóònù. Mo ní kí ó tẹ 5:25 kí ó wò ó, lẹ́yìn náà kí ó tẹ 6:15. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, Cancer jáde, Leo jáde. Ó fi ṣọ́ọ̀kì tí ó fi ń sàmì sí aṣọ kọ méjèèjì sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, ó fi ìlà kan sí wọn láàárín, ó sì kọ 5:42 sórí ìlà náà.